Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan sú sí ọkọ mi lára, ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ sì wà nínú ilé kan náà

Ìyá Ọmọ Méjì
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Mi ò tíì sùn dáadáa láti ìjẹta. Ìyá ọkọ mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sátidé, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Bó ṣe gbé báàgì sílẹ̀ ló ti ní oúnjẹ tí mò ń sè ni ò jẹ́ kí ara ọmọ òun le. Mo gbé e mì. Aládùúgbò wa kan tún ń sọ lẹ́nu ọ̀nà pé olóde ló wọlé wa, wọn ò kí wa mọ́ nídìí kànga.

Nǹkan ló sú sí ọkọ mi lára. Nọ́ọ̀sì tó wò ó ní ṣọ́ọ̀bù òògùn ní ẹ́ḿpọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n ń pè ní mọ́ńkípọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀, ló jọ, kó má bọ́ sáàárín èèyàn. Ìyá rẹ̀ ń fi àdí pa á lára láàárọ̀ lálẹ́, ọwọ́ lásán, ó ní ara ọmọ òun ò lè ṣe òun ní nǹkan. Mo sọ̀rọ̀, ó ní mo fẹ́ ya òun àti ọmọ òun. Yàrá kan àti pálọ̀ ni a ní. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí màmá àti àwọn ọmọ ò fi ní kó o?

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Nígbà tí olóde mú àwọn ìbejì mi, kálámáìnì ni mo fi ń ra wọ́n lára. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti padà sílé ìwé. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ.

Ìyá Ọmọ Méjì
Kì í ṣe ọmọ, mà. Bàbá wọn ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Bi ọkọ rẹ léèrè ibi tó ti gbé e wá. Àrùn ìṣekúṣe ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ń ràn níbi ìbálòpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà lè kó o, ẹni tó bá fọwọ́ fọ aṣọ aláìsàn náà lè kó o. Tí o bá dójú ti ọkùnrin náà, ṣe ni yóò fi egbò pamọ́ tí kò ní lọ fún àyẹ̀wò.

Ìyá Ọmọ Méjì, o ò sọ ohun tí a nílò. Ọjọ́ wo ni ibà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ló sú jáde? Ṣé ó wà ní àtẹ́lẹwọ́? Ṣé kókó wú ní ọrùn tàbí abẹ́ itan rẹ̀? Ọmọ ọdún mélòó ni àwọn ọmọ? Ta ló ń tọ́jú rẹ̀?

Ìyá Ọmọ Méjì
Mọ́ńdè ni ibà àti orí fífọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sú jáde ní Ọjọ́bọ̀. Ó wà lójú, lápá, ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Kókó wú lábẹ́ itan débi pé ó ń tiro. Ọmọ ọdún 9 àti 4 ni wọ́n. Àyẹ̀wò ò tíì wáyé. Èmi kọ́ ni mo ní kó má lọ o, òun ló ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi mọ́tò gbé òun níṣojú àdúgbò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Kókó tó wú yẹn ló mú mi fura, olóde lásán kì í sábà fà á bẹ́ẹ̀. Ti olóde a tún máa sú ní ìpele ìpele: èyí ń yọ, èyí ti ní omi, èyí ti gbẹ, gbogbo wọn lójú kan. Ti ẹ́ḿpọ́ọ̀sì sábà máa ń dàgbà pọ̀. Síbẹ̀, ojú lásán máa ń tan èèyàn. Nígbà tó padà bẹ́ sílẹ̀ ní Báyélsà lọ́dún 2017, a rí àwọn tí a rò pé ó ní i, tó jẹ́ olóde ni. Ẹ pe 6232 ti àjọ NCDC, ìpè náà ò gba owó. Wọn yóò ní kí òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín wá. Òwú ni wọ́n máa fi ha ojú egbò, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ńlá.

Kó tó dé: kí ọkọ rẹ gba yàrá nìkan, fèrèsé ní ṣíṣí, ẹ̀yin yòókù ẹ sùn sí pálọ̀. Tó bá máa jáde lọ sí ilé-ìwẹ̀, kó wọ ìbòmú àti aṣọ tó bo egbò, kó fi háípò nu ibi tó fọwọ́ kàn. Kí àwo, táwẹ́ẹ̀lì àti aṣọ ìbora rẹ̀ dá wà. Ẹ má gbọn aṣọ ìbora yẹn. Ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbá yàrá náà ní gbígbẹ, torí èépá tó bọ́ ń gbé àrùn, ìgbálẹ̀ á gbé e dìde. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀.

Bàbá Kẹ́míìsì
Ẹ má dẹ́rù bà á. Tí màmá bá ti ní àpá abẹ́rẹ́ lápá, kò lè mú un. Àti pé bí egbò bá ti gbẹ, kò ràn mọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Bàbá, ìdajì lóòótọ́. Abẹ́rẹ́ ṣọ̀pọ̀ná àtijọ́ ń ran èèyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti pa á tì, kò sì ṣeé fọkàn tẹ̀ pátápátá. Abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ń fi àpá sílẹ̀, àwọn èèyàn a sì máa ṣì í. Ní ti gbígbẹ, rárá. Ó di ìgbà tí gbogbo èépá bá bọ́, tí awọ tuntun sì bo abẹ́ wọn. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin.

Bàbá Kẹ́míìsì
Mo ti ń ta òògùn láti ọdún 1994. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ.

Ìyá Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ kó màmá àti àwọn ọmọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, ó tán!

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Màmá ti fi ọwọ́ lásán pa á lára. Ọmọ mìíràn ló pọ̀ ní ilé tí ẹ fẹ́ kó wọn lọ. Ó lè tó ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìfarakanra kó tó yọ jáde. Kí wọ́n dúró, kí a máa wo ara wọn, ẹnu wọn àti àtẹ́lẹwọ́ wọn láàárọ̀ lálẹ́.

Ìyá Lọ́ńdọ̀nù
Nínú pálọ̀ kan? Ìyẹn ò dára ju ìrìnàjò lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Kò rọrùn, mo gbà. Ìyá Ọmọ Méjì, o ò tíì dáhùn: ta ló ń tọ́jú rẹ̀?

Ìyá Ọmọ Méjì
Èmi náà ni. Èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀, ta ni ì bá fọ̀ ọ́? Àti... mi ò fẹ́ sọ ọ́ síta níbí. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi. Ìyá ọkọ mi ò tíì mọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ó yẹ kí ó jẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ! Àrùn yìí lè kọjá sí ọmọ inú, ó lè ba oyún jẹ́. Dá aṣọ fífọ̀ dúró lónìí. Ọkọ rẹ ń rìn, ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́: kó kó aṣọ rẹ̀ sínú omi ọṣẹ gbígbóná fúnra rẹ̀. Gbé oúnjẹ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ má sùn pọ̀. Lọ sí ibi tí o ti ń gba ìtọ́jú aboyún, ṣùgbọ́n pè wọ́n kí o tó lọ.

Ìyá Ìbejì
Yé, oyún! Ọmọ mi, máa rọra.

Ìyá Ọmọ Méjì (lọ́jọ́ kejì)
Òṣìṣẹ́ náà wá, kò gbé mọ́tò tó ń han. Ó ha egbò mẹ́ta, a ń retí èsì. Àbúrò ọkọ mi gbà láti máa wá lálẹ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Mo sọ ti oyún fún màmá, ó sunkún, ó sì gbé ìgò àdí kúrò. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí mo rí kókó pupa kékeré kan lẹ́yìn etí èyí tó jẹ́ ọdún 4. Ara rẹ̀ ò gbóná. Ṣé ẹ̀fọn ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Mi ò lè mọ̀ láti ibí. Má fọwọ́ kàn án, má jẹ́ kó họ ọ́. Pe òṣìṣẹ́ yẹn padà nísinsìnyí, sọ ọjọ́ orí ọmọ náà àti pé o lóyún.

Ìyá Ọmọ Méjì
Mò ń pè é.