Tábìlì aṣọ àti wáìnì: kí ló dé tí ìdáhùn mi fi dojú rú?

Ọmọ Ìyá Eléwé: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń múra ìdánwò ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, tábìlì kan sì ti gba oorun lójú mi láti àná. Àpẹẹrẹ tí Ricardo, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní 1817 ni. Ìbéèrè náà ni pé orílẹ̀-èdè wo ló yẹ kó máa ṣe ọjà wo. Iye òṣìṣẹ́ tó máa ṣiṣẹ́ ọdún kan kí ọjà kọ̀ọ̀kan tó jáde ló wà níbẹ̀:

| | Aṣọ | Wáìnì |
|---|---|---|
| Gẹ̀ẹ́sì | 100 | 120 |
| Potogí | 90 | 80 |

Mo fi 100 pín 120, mo ní aṣọ kan ń ná Gẹ̀ẹ́sì ní wáìnì 1.2. Mo fi 90 pín 80, mo ní 0.89 fún Potogí. Ni mo bá kọ ọ́ pé kí Potogí máa hun aṣọ, kí Gẹ̀ẹ́sì máa ṣe wáìnì. Ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé ní òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Bàbá Ṣèun: Ọmọ mi, má da ara rẹ láàmú. Ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kéré ló mọ iṣẹ́ jù. Potogí na Gẹ̀ẹ́sì ní aṣọ, ó tún nà án ní wáìnì. Kí Potogí máa ṣe méjèèjì, ó parí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe?

Ìyá Aránṣọ: Ṣé ọ̀rọ̀ kíkó aṣọ lọ sókè òkun la ń sọ ni? Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ààbọ̀ wákàtí ni mo fi ń gé bùbá, mo sì ń fi wákàtí kan ká etí rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi á fi wákàtí mẹ́ta gé e, á fi wákàtí kan ààbọ̀ ká a. Mo yá jù ú lọ ní méjèèjì, síbẹ̀ òun ni mo ń fún ní kíká. Àbí mo ṣe àṣìṣe?

Tíṣà Àgbà: Ìyá Aránṣọ, ẹ ò ṣe àṣìṣe rárá, ẹ̀yin lẹ dá Bàbá Ṣèun lóhùn. Wákàtí tí ẹ bá fi ká etí bùbá kan, bùbá méjì lẹ ì bá ti gé. Ọmọ iṣẹ́ yín ní tirẹ̀, ìdajì bùbá péré ló máa pàdánù. Ìyẹn ni kíká fi wọ́n lọ́wọ́ yín, tó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ọmọ.

Ọmọ Ìyá Eléwé, ìṣírò rẹ dára, tábìlì ni o kà sódì. Òṣìṣẹ́ ni nọ́ńbà yìí, kì í ṣe ọjà. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ aṣọ kan, ènìyàn 100 máa kúrò nídìí wáìnì. Wáìnì kan ń gba 120, nítorí náà 100/120, ìyẹn 0.83, ni wọ́n pàdánù. Ní Potogí, ènìyàn 90 ló máa kúrò, níbi tí 80 ti tó fún wáìnì kan: 90/80, ìyẹn 1.125. Aṣọ Gẹ̀ẹ́sì ló pọ́ọ́kú.

Wo èrè rẹ̀. Kí wọ́n tó bára wọn tajà, ènìyàn 390 ló ń ṣe aṣọ méjì àti wáìnì méjì. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá hun aṣọ méjèèjì, 200 ni. Bí Potogí bá ṣe wáìnì méjèèjì, 160 ni. Ọwọ́ ènìyàn 30 dilẹ̀. Bí wọ́n bá fi aṣọ kan gba wáìnì kan, 20 jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, 10 jẹ́ ti Potogí.

Bàbá Ṣèun: Ó dáa, mo gbà. Ta ló wá ní kí wọ́n fi ọ̀kan gba ọ̀kan?

Tíṣà Àgbà: Tábìlì ò sọ ọ́, sà. Ààlà nìkan ló fi hàn: iye aṣọ kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wáìnì 0.83 àti 1.125. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní 1.2 lòun fẹ́, iṣẹ́ ènìyàn 96 ni Potogí máa fi san án, nígbà tí 90 lè hun ún nílé. Wọn ò ní rà á. Bó bá jẹ́ 0.85, Potogí ló kó èrè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Arìnrìnàjò: Ẹ má gbàgbé pé àdéhùn owó orí ti wà nílẹ̀ láti 1703. Potogí gba aṣọ onírun àgùntàn Gẹ̀ẹ́sì wọlé, Gẹ̀ẹ́sì sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín owó orí kù lórí wáìnì Potogí sí ti Faransé. Àwọn ahunṣọ Potogí ńkọ́? Ṣé ẹni tó ń hun aṣọ lánàá á di olóko àjàrà lónìí?

Tíṣà Àgbà: Ibẹ̀ ni tábìlì dákẹ́ sí. Ó kà á sí pé òṣìṣẹ́ ń yí iṣẹ́ padà láìná kọ́bọ̀. Síbẹ̀ mi ò gbà pé ìyẹn ba ìṣírò náà jẹ́.

Arìnrìnàjò: Èmi gbà pé ó bà á jẹ́ fún ahunṣọ.

Ọmọ Ìyá Eléwé: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo tún un ṣe, ó bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ní “àpò tí òṣìṣẹ́ kan ń kó jáde lọ́jọ́ kan”. Ṣé ọ̀nà tí mo kọ́kọ́ gbà ni mo máa lò níbẹ̀?

Tíṣà Àgbà: Òun ni. Ọjà ni wọ́n kà níbẹ̀, kì í ṣe ènìyàn.