Ìpíndọ́gba, agbedeméjì, tàbí owó ẹni àárín?

Ẹni tó ń túmọ̀ ìròyìn: Ẹ jọ̀wọ́, mo ń túmọ̀ ìròyìn kan lórí èrè oṣù kan tí àwọn aláró mẹ́sàn-án rí ní Òṣogbo. Iye wọn nìyí bí wọ́n ṣe kọ ọ́: ₦60,000, ₦38,000, ₦1,350,000, ₦45,000, ₦90,000, ₦50,000, ₦42,000, ₦70,000, ₦55,000. Ìròyìn náà ní ₦200,000 ló dúró fún wọn, ó tún ní ₦55,000 ni nísàlẹ̀. Mo pe méjèèjì ní ìpíndọ́gba, wọ́n ní mo ṣì í. Kí ni kí n pe èkejì?

Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì: Agbedeméjì ni. Ẹ mú èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ dá a sí méjì.

Oníṣirò: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká dán ìṣirò yẹn wò. ₦38,000 àti ₦1,350,000 jẹ́ ₦1,388,000. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ₦694,000. Kò jọ ₦55,000 rárá. Ohun tí ẹ fi ṣírò kò ju ẹni méjì lọ, àwọn méje yòókù kò bá wọn dá sí i.

Ohun tó bí ₦55,000 ni pé wọ́n kọ́kọ́ tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù: 38,000, 42,000, 45,000, 50,000, 55,000, 60,000, 70,000, 90,000, 1,350,000. Ẹni karùn-ún ló wà láàárín, mẹ́rin wà níwájú rẹ̀, mẹ́rin wà lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá tò wọ́n, tó kàn ka ẹni karùn-ún bí wọ́n ṣe wà nínú ìbéèrè, ₦90,000 ni yóò bá. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nìyẹn. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́wàá, ẹ ó ro ẹni karùn-ún àti ẹni kẹfà pọ̀, ẹ ó wá dá a sí méjì.

Ti ₦200,000 yàtọ̀. Wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ ₦1,800,000, wọ́n pín in sí mẹ́sàn-án. Ìpíndọ́gba gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: mẹ́jọ nínú wọn kò dé ₦200,000. Ẹnì kan ṣoṣo ló fa ìṣirò náà sókè. Bí èrè tirẹ̀ bá di ìlọ́po méjì lóṣù tó ń bọ̀, ìpíndọ́gba á di ₦350,000 láìjẹ́ pé kọ́bọ̀ kún owó àwọn yòókù. Ẹni àárín kò ní kúrò lórí ₦55,000, torí ipò là ń wò níbẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá tẹ iye mẹ́sàn-án náà sí B2 títí dé B10 nínú Excel, kò nílò kí ẹ tò wọ́n fúnra yín. Ti òkè ń mú ìpíndọ́gba wá, ti ìsàlẹ̀ ń mú owó ẹni àárín wá:

```
=AVERAGE(B2:B10)
=MEDIAN(B2:B10)
```

Ẹni tí kò bá rí èrè kankan, ẹ tẹ 0 fún un. Bí ẹ bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo, kọ̀ǹpútà á fò ó bí ẹni tí kò sí níbẹ̀, iye méjèèjì á sì lè ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Aláró kan: Ẹ̀yin ará, ta ló fẹ́ pín owó olówó dọ́gba? Ẹgbẹ́ tiwa ní ká máa san ₦4,000 lóṣù, wọ́n ní ₦2 nínú ₦100 ni, torí pé ìpíndọ́gba wa jẹ́ ₦200,000. ₦45,000 lèmi ń rí o!

Oníṣirò: Ẹ má bínú, Ìyá wa, kò sẹ́ni tó fẹ́ pín owó ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yín wúlò. Nínú ₦45,000, ₦4,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦9 nínú ₦100. Bí kálukú bá san ₦2 nínú ₦100 owó tirẹ̀, ₦900 ni ti ẹni tó ń rí ₦45,000, ₦27,000 ni ti olówó yẹn, àpò ẹgbẹ́ àwọn mẹ́sàn-án yìí á sì rí ₦36,000 kan náà. Níbi àpò ẹgbẹ́ ni ìpíndọ́gba ti wúlò: ẹ fi mẹ́sàn-án sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó bá àpapọ̀ owó. Ẹ fi ₦55,000 ṣe bẹ́ẹ̀, ₦495,000 péré ni ẹ ó rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí fún aláró lásán ló yẹ kó lo ti ẹni àárín. Nítorí náà, mo fara mọ́ *owó ẹni àárín*. Agbedeméjì á ti àwọn ènìyàn sínú ìṣirò tí Bàbá ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Olùkọ́ Yorùbá: Mo gbà pé mo ṣi ìṣirò náà ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òjò tàbí iye owó ẹ̀fọ́ là ń wọ̀n ńkọ́? Òjò kì í ṣe ẹni. Ẹ fi agbedeméjì sílẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tó ń túmọ̀ ìròyìn: Ti òjò, mi ò tíì mọ̀. Ti aláró, èyí ni mo kọ: "Ìpíndọ́gba èrè wọn jẹ́ ₦200,000, àmọ́ bí a bá tò wọ́n láti orí ẹni tó rí owó kékeré jù, ₦55,000 ni ẹni àárín rí."

Olùkọ́ Yorùbá: Ó gùn jù.