Kúẹ́rì ayẹ̀wé-owó-wò níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin: ìrírí wa lórí àga 240

Bàbá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o. Èmi ni oníṣirò owó ní àjọ ìpínlẹ̀ kan tó ń pèsè ohun èlò fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́, mo sì fẹ́ sọ bí nǹkan ṣe rí nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣirò owó ìlú pè wá ní ọdún 2019. Ìṣirò ọdún 2015 ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò. Ìwé ìpè dé láti ọwọ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀, wọ́n so ìpínrọ̀ tó kàn wá nínú ìwé àbọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ayẹ̀wé-owó-wò mọ́ ọn, wọ́n sì fún wa ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti mú ẹ̀dà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti èsì wa wá.

Ohun tí ìpínrọ̀ náà sọ kò ju báyìí lọ: a san náírà 6,480,000 fún àga 240, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní náírà 27,000, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìwé kankan lára fáúṣà tó fi hàn pé àga wọlé sí sítọ́ọ̀. Èmi kò sí ní àjọ náà ní ọdún 2015. Ẹni tó jókòó sí àga mi nígbà náà ti lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Mo béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú sítọ́ọ̀, ó sì mú ẹ̀dà ìwé ìgbẹrùwọlé kan fún mi, nọ́mbà 0412, ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2015, tí àga 240 hàn lórí rẹ̀. Inú mi dùn. Mo so ó mọ́ èsì wa, mo sì kọ ọ́ pé gbogbo àga náà pé.

Nígbà tí a dé iwájú ìgbìmọ̀, alága ka ìpínrọ̀ náà sókè, Akọ̀wé Àgbà wa dìde, ó sì ka èsì. Ọ̀dọ́bìnrin kan láti ọ́fíìsì ayẹ̀wé-owó-wò, tó jókòó ní apá ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin, wo ẹ̀dà náà pẹ́, ó wá béèrè bóyá odindi ìwé tí a ti gé ewé yẹn wà pẹ̀lú wa. Ó wà nínú báàgì olùtọ́jú sítọ́ọ̀. Ó ṣí i, ó sì fi hàn pé nọ́mbà 0409 nínú ìwé kan náà gbé ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2015. Báwo ni ewé tó wà lẹ́yìn yóò ṣe gbé oṣù Kẹta, kí èyí tó ṣáájú rẹ̀ gbé oṣù Kẹfà? Gbogbo yàrá dákẹ́. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ jẹ́wọ́ pé òun kọ ọ́ lẹ́yìn tí ìwé ìpè dé, nítorí ẹ̀rù bà á. Ẹ̀bi èmi náà ni, nítorí mo gba ewé kan ṣoṣo láì béèrè ìwé tó ti wá.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúpẹ́ pé wọn kò tì yín mọ́lé. Mo wà níbi irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ rí, alága sì pariwo pé òun yóò ní kí ọlọ́pàá gbé ọ̀gá kan wá. Agbára ilé ẹjọ́ ni wọ́n ní. Wọ́n lè dá ènìyàn lẹ́bi, kí wọ́n sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Alàgbà Ayẹ̀wéwò:
Ọmọ mi, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ ni òtítọ́. Abala 129 ìwé òfin ọdún 1999 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní agbára láti pe ènìyàn, láti gba ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ ìbúra, àti láti ní kí wọ́n fi ipá mú ẹni tó kọ̀ láti wá lẹ́yìn tí wọ́n ti pè é. Ohun tí o rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nípa owó fúnra rẹ̀, àbá ni ìgbìmọ̀ máa ń kọ sínú ìwé àbọ̀ rẹ̀. Gbogbo ilé ni yóò fọwọ́ sí i, ìjọba ni yóò sì mú un ṣẹ.

Mo ṣiṣẹ́ ayẹ̀wé-owó-wò títí mo fi fẹ̀yìntì, ohun tó sì ń dùn mí nínú ìtàn Bàbá Ìbejì ni pé ọ̀rọ̀ náà kò yẹ kó dé ilé aṣòfin rárá. Kí ìpínrọ̀ tó wọ inú ìwé àbọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wa á ti kọ kúẹ́rì sí ọ́fíìsì náà nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Tí ẹ bá fi ìwé hàn wọ́n nígbà náà, ibẹ̀ ni ó ń parí sí. Abala 125 sọ pé láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí Oníṣirò Owó Àgbà bá ti fi ìṣirò lé ayẹ̀wé-owó-wò lọ́wọ́ ni ó gbọ́dọ̀ gbé àbọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé. Tó bá ti débẹ̀, àwa náà kò lè yọ ohunkóhun kúrò mọ́. Àwọn aṣòfin nìkan ló lè sọ pé èsì tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Ìyá Wúrà:
Ẹ jọ̀wọ́, èmi náà gba kúẹ́rì rí nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́, nítorí pé mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta. Mo kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, ọ̀gá mi sì dárí jì mí. Ṣé Bàbá Ìbejì kò lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ni?

Alàgbà Ayẹ̀wéwò:
Ìyá, kúẹ́rì tiyín bi yín léèrè ìwà. Èyí bi ọ́fíìsì léèrè owó, ẹ̀bẹ̀ kò sì lè fi hàn pé àga wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Akọ̀wé Àgbà tó wà lórí oyè lónìí ni yóò dáhùn, ìbáà jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n san owó náà.

Ìyá Wúrà:
Mo gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀, ẹ ṣeun. Àmọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn pé ẹni tó san owó ti lọ, tí ẹlòmíràn sì ń gba ìtìjú rẹ̀.

Bàbá Ìbejì:
Ó dùn mí lọ́jọ́ náà, Ìyá, ṣùgbọ́n alága béèrè orúkọ oníṣirò àtijọ́, wọ́n sì pè é ní ọjọ́ kejì. Òun ló sọ pé àga kò gba sítọ́ọ̀ kọjá rárá, pé tààrà ni kọngilá gbé wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà, àti pé àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí ìwé ìgbẹrù. Òtítọ́ yìí ni ì bá gbà wá là ní ọdún 2015, bí a bá so ìwé àwọn ọ̀gá náà mọ́ fáúṣà. Ìgbìmọ̀ kò yọ ìpínrọ̀ náà kúrò. Wọ́n rán aṣòfin méjì àti ọ̀dọ́bìnrin náà lọ ka àga ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì gba ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀. Àga 203 ni ìwé àti kíkà fẹnu kò lé lórí. Àga 37 kò sí níbìkankan, owó wọn sì jẹ́ náírà 999,000. Nínú àbọ̀ wọn, wọ́n gba èsì wa lórí 203, wọ́n sì dábàá pé kí wọ́n gba owó 37 padà lọ́wọ́ kọngilá àti ẹni tó fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti pé. Wọ́n dá ọ̀rọ̀ ewé 0412 sọ́tọ̀, wọ́n fi lé àjọ tó ń bá òṣìṣẹ́ wí lọ́wọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Mo ti gba ọ̀rọ̀ Alàgbà. Ìbéèrè mi ni pé, ká ní olùtọ́jú sítọ́ọ̀ kọ ọjọ́ tó kọ ọ́ gan-an sórí ewé náà, kó sì ṣàlàyé pé lẹ́yìn ìgbà náà ni òun kọ ọ́, ṣé wọ́n á gbà á?

Alàgbà Ayẹ̀wéwò:
Èmi ì bá gbà á gẹ́gẹ́ bí àlàyé, n kò ní gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Mo mọ àwọn akẹgbẹ́ mi tí kò ní gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bàbá Ìbejì, ṣé owó àga 37 náà padà sínú àpò ìjọba?

Bàbá Ìbejì:
Ilé aṣòfin fọwọ́ sí àbọ̀ náà, ìwé sì dé ọ̀dọ̀ wa pé kí a gba owó náà. A kọ̀wé sí kọngilá lẹ́ẹ̀mejì. Títí mo fi kúrò ní àjọ náà, n kò rí rìsíìtì ìsanwó kankan nínú fáìlì.