Ta ló lè bá mi wo ìwé ewu iṣẹ́ òrùlé yìí?

Ìyá Ìbejì, Mànṣẹ́sítà: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan ń jò, a sì fẹ́ tún un ṣe. Páànù onísìmẹ́ǹtì ni òrùlé rẹ̀, ó ga tó mítà 5. Ọ̀gá ní kí n kọ ìwé ewu rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ewu ibẹ̀ ni kí ènìyàn jábọ́. Bó ṣe lè tètè ṣẹlẹ̀ tó, mo fún un ní 4 nínú 5. Bó ṣe lè ṣeni léṣe tó, 5. Ó di 20. Mo wá kọ akoto àti bẹ́líìtì ààbò sí ìdènà, mo sì sọ ọ́ di 1 × 1. Ọ̀gá dá a padà, kò sọ ìdí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ̀gbọ́n, bẹ́líìtì kì í ní kéèyàn má jábọ́, ṣe ló ń gbá a mú. Ẹ fi 4 sílẹ̀, kí ẹ sọ 5 di 2.

Bàbá Onípáànù, Bámíńgámù: Ìjẹ̀bú gba ibì kan. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ so bẹ́líìtì náà mọ́? Tí okùn mítà 2 bá so mọ́ ibi ẹsẹ̀, tí ìdí rẹ̀ tó ń nà sì nà tán, ẹni náà lè ti kanlẹ̀ níbi tó ga ní mítà 5.

Ìyá Ìbejì, "kí ènìyàn jábọ́" kò tíì tó. Láti ibo? Páànù àtijọ́ máa ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ láàárín òrùlé gan-an. Ike tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé tún wà níbẹ̀. Tí ewédò tàbí ọ̀dà bá ti bò ó, ojú kò lè yà á sọ́tọ̀ mọ́. Ohun tí ẹ máa kọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bi ara yín bóyá ó pọn dandan kí ẹnikẹ́ni gun òrùlé náà. Òfin iṣẹ́ orí òkè ti ọdún 2005 níbí ní kí á kọ́kọ́ yẹra fún gígùn, tí kò bá ṣeé ṣe kí á dènà jíjábọ́, ẹ̀yìn èyí ni gbígbáni mú. Ẹ háyà ẹ̀rọ agbénisókè, kí ẹ ṣiṣẹ́ láti abẹ́. 4 yóò di 1, ṣùgbọ́n 5 ṣì jẹ́ 5, nítorí gíga ibẹ̀ kò dín kù. 1 × 5 ni. Ẹ wá kọ ewu ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sí ìlà mìíràn: ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ṣé fọ́ọ̀kì-lífíìtì ń kọjá níbẹ̀? Kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò asibẹ́sítọ́ọ̀sì lọ́wọ́ onílé, èròjà tó lè wà nínú páànù àtijọ́, tí eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Àkànní, Húsítọ̀nù: Kòtò la máa ń gbẹ́ ní tiwa. Tó bá ti jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 5, a gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má bàa wó. Ṣé a lè lo nọ́ńbà yín fún un?

Bàbá Onípáànù: Ọ̀nà ìṣírò kan náà ni, àbúrò, àmọ́ ẹ wo ilẹ̀ yín kí ẹ tó fún un ní nọ́ńbà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé o, bàbá. Ibì kan ló kù: gọ́tà tó wà láàárín òrùlé méjèèjì. Ẹ̀rọ kò lè dé ibẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ tẹ́ pákó sí i.

Bàbá Onípáànù: Pákó tó ní ìfọwọ́mú lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ sì na àwọ̀n sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ 5 di 3 nítorí àwọ̀n. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Bàbá, kí wá ni iṣẹ́ àwọ̀n tí kò bá dín in kù?