Òjìji tó yí àríwá mi padà: ìrírí wa lórí wíwá ìṣúra pẹ̀lú máàpù ọgbà ilé-ìwé

Tíṣà Karùn-ún, Ogbómọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí ní táàmù kẹta, torí mo fìyà jẹ ọmọ tí kò ṣẹ̀, ó sì ń dùn mí dòní.

Pírámárì Karùn-ún ni mò ń kọ́, ọmọ 42. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ mọ àríwá, gúúsù, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, kó má jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń kà á. Mo fi okùn mítà mẹ́wàá wọn ọgbà wa. Ó gùn ní mítà 120, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 90. Mo ní kí sẹ̀ǹtímítà kan lórí pépà dúró fún mítà márùn-ún, gbogbo ọgbà wá di sẹ̀ǹtímítà 24 sí 18, ó sì gba inú pépà A4 kan ṣoṣo. Mo ya kíláàsì, ọ́fíìsì ọ̀gá, ọ̀pá àsíá, igi máńgòrò méjèèjì àti búkà àwọn ìyá olóúnjẹ. Ó wá ku ọfà tó máa fi àríwá hàn.

Ìwé kan tí mo ti kà tipẹ́ sọ pé bí òjìji ọ̀pá bá ti kúrú jù lọ́sàn-án, àríwá ló dojú kọ. Mo ri ọ̀pá tó gùn ní mítà kan mọ́lẹ̀, mo sì jókòó tì í. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago kan lù, òjìji rẹ̀ kúrú débi pé kò ju ìbú pépà A4 lọ. Ibi tó na orí sí ni mo ya ọfà sí. Oṣù Karùn-ún la wà nígbà náà.

Mo pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ mẹ́fà, ọmọ méje-méje. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba máàpù tirẹ̀ àti bébà kékeré kan: «Ẹ dúró nídìí ọ̀pá àsíá. Ẹ rin ìgbésẹ̀ 30 sí àríwá. Ẹ wo abẹ́ òkúta.» Agolo mílíìkì ni mo tọ́jú síbẹ̀, bébà tó kàn sì wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́rin tẹ̀ lé ọfà mi, wọ́n rí i. Ẹgbẹ́ méjì gba òdìkejì lọ tààrà, wọ́n ń tú koríko kiri lẹ́yìn ọ́fíìsì. Mo pè wọ́n, mo ní wọn kì í gbọ́ràn, mo ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọbìnrin kan ti sọ̀rọ̀: «Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yìn búkà ni oòrùn ti ń yọ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ya búkà sí ìwọ̀-oòrùn.»

Mi ò rí èsì fún un. Lọ́jọ́ kejì mo dé ilé-ìwé kí aago méje tó lù. Ẹ̀yìn búkà ni oòrùn ti yọ lóòótọ́. Gúúsù ni ọfà mi ń tọ́ka sí. Mo bẹ àwọn ọmọ náà níwájú kíláàsì. Ohun tí ò tíì yé mi ni ibi tí mo ti ṣìnà, torí mo wọn òjìji yẹn dáadáa.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Tèmi ni pé irú nǹkan ìṣúra báyìí lẹ́rù. Nílé-ìwé àwọn ọmọ mi, wọ́n ní ìṣúra wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ fi igi gbẹ́ ìdí sọ́kúwéè títí sìmẹ́ńtì etí rẹ̀ fi ń já. Ọpẹ́lọpẹ́ gáádì tó rí wọn. Ṣé ẹ ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ ni?

Tíṣà Karùn-ún, Ogbómọ̀ṣọ́

Rárá o, mà. Òkè ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo sì fi bàírò pupa ya kànga àti ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lórí máàpù, mo ní ẹni tó bá wọ ibi pupa ti kúrò nínú eré. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ronú kan sọ́kúwéè. Màá fi kún un.

Àfáà Kékeré, Ogbómọ̀ṣọ́

Kí lẹ ń ri ọ̀pá fún? Ẹ lọ sí mọ́sálásí tó bá sún mọ́ yín. Ibi tí lemọ́mù kọjú sí ni gábàsì, gábàsì náà ni ìlà-oòrùn. Bí ọmọ bá kọjú síbẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni àríwá. Ó tán.

Bàbá Jọ́gíráfì, Ọ̀yọ́

Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ti òjìji ná, torí ọdún púpọ̀ ni mo fi kọ́ ọ kí n tó fẹ̀yìn tì.

Tíṣà, ìwọ̀n rẹ dára. Ìlú tí wọ́n ti kọ ìwé yẹn ló yàtọ̀ sí tiwa. Nílẹ̀ Yúróòpù, oòrùn ọ̀sán kì í gun àtàrí rárá. Apá gúúsù ló máa ń gbà kọjá jálẹ̀ ọdún, òjìji wọn sì ń lọ sí àríwá. Ogbómọ̀ṣọ́ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 8 péré sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin, oòrùn á kọjá àtàrí wa, á bọ́ sí apá àríwá, kò sì ní padà wá títí oṣù Kẹsàn-án á fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, gúúsù ni òjìji ọ̀sán ń na orí sí. Oṣù Karùn-ún sì bọ́ sáàárín rẹ̀. Ọ̀pá mítà kan á ju òjìji bíi sẹ̀ǹtímítà 27 sí gúúsù lóṣù Kẹfà. Lóṣù Kejìlá, á ju bíi 60 sí àríwá. Ká ní oṣù Kọkànlá lo ṣe é ni, ọfà rẹ á tọ́.

Ohun tí kì í tanni lóṣùkóṣù nìyí. Ri ọ̀pá náà kó dúró ṣánṣán, so òkúta mọ́ okùn kí o fi wò ó bóyá kò tẹ̀. Nígbà tí aago 11 bá ti kọjá, sàmì sí orí òjìji. So okùn mọ́ ìdí ọ̀pá, fà á dé ibi àmì yẹn, kí o fi ya òbìrípo yí ọ̀pá ká. Òjìji á kúrú wọnú òbìrípo, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ibi tí orí rẹ̀ bá ti padà kan òbìrípo náà lọ́sàn-án, sàmì kejì. Àmì àárọ̀ ni ìwọ̀-oòrùn, tọ̀sán ni ìlà-oòrùn. Fi okùn so méjèèjì pọ̀, kọjú sí àmì ìlà-oòrùn, ọwọ́ òsì rẹ ni àríwá. Ewu ibẹ̀ ò ju ìkùukùu lọ. Bó bá bo oòrùn nígbà àmì kejì, ọjọ́ yẹn ti lọ.

Má sì lo aago 12 bí ọ̀sán gangan. Gbogbo Nàìjíríà ń lo aago ibi tó wà ní ìwọ̀n dígírì 15 sí ìlà-oòrùn Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù, àwa wà ní nǹkan bíi 4. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, nítorí náà oòrùn kì í dé góńgó lọ́dọ̀ wa títí di nǹkan bí aago 12 kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Àfáà, ọ̀rọ̀ tìrẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i. Láti ọ̀dọ̀ wa, Mẹ́kà kì í ṣe ìlà-oòrùn gangan. Ó yà sí àríwá ní bí ìwọ̀n 25. Ọmọ tó bá fi ọ̀nà rẹ rin ìgbésẹ̀ 30 á fi nǹkan bí ìgbésẹ̀ 13 ṣì í.

Àfáà Kékeré, Ogbómọ̀ṣọ́

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo dúró ní mọ́sálásí wa lóṣù Kẹfà, ojú ibi tí lemọ́mù kọjú sí gan-an ni oòrùn ti yọ.

Bàbá Jọ́gíráfì, Ọ̀yọ́

O rí i dáadáa. Lóṣù Kẹfà, oòrùn fúnra rẹ̀ ń yọ ní ìwọ̀n bí 23 sí apá àríwá ìlà-oòrùn, àwọn méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn mu. Padà dúró síbẹ̀ lóṣù Kejìlá, wàá rí i tó ń yọ jìnnà lápá ọ̀tún lemọ́mù. Nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù Kẹta àti ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ló ń yọ ní ìlà-oòrùn gangan.

Ọlọ́kadà Àkẹ̀sán

Èmi ò mọ òjìji. Mo ń gbé ẹrù káàkiri Ọ̀yọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ilé òun wà ní àríwá ibì kan. «Lẹ́yìn ilé alágbẹ̀dẹ, kóo yà sí ọ̀nà kànga» ni. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú: bí mo bá ní kí ọmọ mi júwe àríwá, òkè ló ń nà sí. Ó ní tíṣà wọn sọ pé àríwá wà lókè. Nígbà tó débi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà nílé wa, ibi gíga ló pè ní àríwá. Ṣé kì í ṣe ká kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ilé àti igi ná?

Tíṣà Ìyá, Ọ̀yọ́

Ọ̀gá ọlọ́kadà, orí bọ́ọ̀dù la ti ń bá ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Bọ́ọ̀dù dúró lóròó, àríwá á wá di òkè. Èmi kì í gbé máàpù kọ́ mọ́ ògiri mọ́ ní Kíláàsì Kẹrin, ilẹ̀ ni mo ń tẹ́ ẹ sí. Èmi náà gbà pé kí ilé àti igi ṣáájú. Táàmù kan gbáko ni mo fi ń ṣe ìyẹn.

Èyí tó ṣòro jù fún mi ni yíyà. Bí mo bá ní kí wọ́n ya ọgbà fúnra wọn, wọ́n á ya kíláàsì pẹ̀lú fèrèsé, ilẹ̀kùn àti páànù orí rẹ̀, ọ̀pá àsíá á sì sùn sílẹ̀ gbọrọgbọrọ. Mo wá gbé agolo mílíìkì lé pépà, mo ní kí ọmọ fi pẹ́ńsùlù yí ìdí rẹ̀ ká, kó gbé agolo kúrò. Òbìrípo ló kù. Mo ní, «Bí ẹyẹ ṣe rí agolo nìyẹn.» A fi páálí ìṣáná ṣe kíláàsì, a sì ṣe bákan náà. Ọ̀pá àsíá di àmì tóótó kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó gbé wọn jáde.

Tíṣà Karùn-ún, Ogbómọ̀ṣọ́

Mo ti ṣe òbìrípo Bàbá. Òjò ba ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́. Ní ọjọ́ kejì, a sàmì sí òjìji ní aago 11 kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó sì padà kan òbìrípo ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ilé-ìwé ti jáde, àwọn bíi mẹ́wàá dúró tì mí. Ọmọbìnrin ọjọ́sí ló fi òkúta sàmì kejì. A fi ẹfun fa ìlà àríwá sídìí ọ̀pá àsíá.

Nígbà tí a tún wá ìṣúra, ẹgbẹ́ mẹ́ta ṣì ṣìnà, pẹ̀lú ọfà tó tọ́. Mo tẹ̀ lé ọ̀kan, mo sì rí i. Wọ́n kọjú sí gẹ́ètì tó wà ní gúúsù, wọ́n gbé pépà dúró bí ìgbà tí wọ́n ń kàwé, ohun tó wà lápá ọ̀tún pépà wá wà lọ́wọ́ òsì wọn nílẹ̀. Mo ní kí wọ́n tẹ́ máàpù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ẹfun, kí wọ́n yí i títí ọfà á fi bá ìlà mu, kí wọ́n gbé òkúta lé e. Bí wọ́n bá fẹ́ wo apá ibòmíràn, ẹsẹ̀ wọn ni kó yí, pépà ò gbọdọ̀ yí. Ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rí agolo tó kẹ́yìn.

Bébà inú agolo yẹn ní kí wọ́n dúró lórí ìlà ẹfun, kí wọ́n na ọwọ́ sí Ìlọrin, Ọ̀yọ́ àti Òṣogbo. Wọ́n na ọwọ́ sí Ìlọrin láàárín àríwá àti ìlà-oòrùn, wọ́n gbà á. Ti Ọ̀yọ́ náà, gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, wọ́n gbà á. Òṣogbo dá àríyànjiyàn sílẹ̀, torí ọ̀nà tí mọ́tò wọn ń gbà jáde nílùú ni ọ̀pọ̀ wọn nà sí.

Ìgbésẹ̀ ni ò tíì yé mi bí màá ṣe ṣe é. Ìgbésẹ̀ 30 ọmọ gíga fi bíi mítà mẹ́ta ju ti ọmọ kúkúrú lọ. Ọmọbìnrin yẹn ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀ pé lóṣù Kejìlá, nígbà tí òun bá wà ní Kíláàsì Kẹfà, òun á padà wá ri ọ̀pá mítà kan, kí òun wò ó bóyá òjìji á padà sí àríwá, bóyá á sì tó 60.