Ṣé ká kọ 29 oṣù kejì 1900 sára sàréè bàbá àgbà?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. A fẹ́ tún sàréè bàbá bàbá wa ṣe, ọjọ́ ìbí wọn sì ti dá ìjà sílẹ̀. Inú Bíbélì àtijọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí: “Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù kejì 1900.”

Àbúrò mi, tí wọ́n bí ní 29 oṣù kejì 2000, ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọdún péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọdún tó bá parí sí 00 gbọ́dọ̀ ṣeé fi 400 pín kí oṣù kejì rẹ̀ tó ní ọjọ́ 29. 2000 ṣeé pín, 1900 kò ṣeé pín. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, Excel sì gbà á! Àṣìṣe Excel nìyẹn, ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀.

Mo ka ọjọ́ náà padà: 28 bọ́ sí Ọjọ́rú, 1 oṣù kẹta bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Bó bá sì jẹ́ ọdún ni wọ́n ṣì kọ, Ọjọ́bọ̀ kò bá a mu: ní 1896, Sátidé ni 29 oṣù kejì. Ní 1904, Mọ́ńdè ni.

Ṣé Ọjọ́bọ̀ yìí tó ẹ̀rí láti kọ 1 oṣù kẹta, àbí ká kọ 1900 nìkan?