Fọ́tò ẹ̀yìn bísíkíìtì méjì tó fẹ́ da èmi àti ẹ̀gbọ́n mi rú

Ìyá Tọ̀míwá, Òṣogbo

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kẹ́yin náà sọ tiyín. Bàbá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí, dókítà ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, a sì dín in kù lóòótọ́, ọbẹ̀ wọn yàtọ̀ sí tiwa. Àmọ́ bàbá yìí fẹ́ràn kíráákà bí ọmọdé. Àárọ̀ tíì àti kíráákà, alẹ́ tíì àti kíráákà, èérún ẹ̀ kì í kúrò lórí bùbá wọn. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń múra àtiwálé, ó ní òun á ra èyí tí iyọ̀ ẹ̀ ò pọ̀ bọ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ ya ẹ̀yìn páálí ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí wásáàpù. Èmi náà ya ti ibí, mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí fóònù.

Tiwa kọ ọ́ pé sáfìnnì kan, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n kà sí jíjẹ ẹ̀ẹ̀kan, jẹ́ 30 g, bísíkíìtì mẹ́rin nìyẹn, sódíọ̀mù 240 mg. Tòun kọ iyọ̀ 1.5 g. Èmi tí mo ka akáńtì, mo mọ̀ pé 1000 mg ló wà nínú 1 g, mo ní háà, 1500 sí 240! Mo pè é, mo ní ṣé o fẹ́ pa bàbá ni, inú bí i, ó ní òun ò rà á mọ́, bàbá ń jẹ tiwa lọ ní tiwọn.

Wọ́n wá délé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti fi páálí kan lára kíráákà yẹn sínú báàgì fáwọn ọmọ láti máa jẹ lọ́nà. Kíṣìnnì ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, irú nǹkan tí wọ́n ń kà lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó gba fóònù mi, ó wo fọ́tò méjèèjì, ẹ̀rín pa á. Ó ní "Àǹtí mi, ẹ wò ó, ọkọ mi ti gé orí fọ́tò yìí." Ó gbé páálí gan-an fún mi. Lókè pátápátá, níbi tí fọ́tò ò dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú 100 g. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wá kọ ti bísíkíìtì ẹyọ kan sí, ìyẹn náà ò wọ fọ́tò. Ó tún ní "Ẹ̀ẹ̀kejì, sódíọ̀mù kọ́ ni iyọ̀ o, ó kàn wà nínú iyọ̀ ni. Ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀ kẹ́ ẹ tó fi wé tiwa."

A ṣe é níbẹ̀ lórí kalikulétọ̀. 240 lọ́nà 2.5, 600 mg, ìyẹn 0.6 g iyọ̀ nínú bísíkíìtì mẹ́rin wa yẹn. Tó bá wá jẹ́ 100 g bíi tiwọn, 2 g ni. 2 g tiwa, 1.5 g tiwọn. Tiwa tí mo ń gbèjà ló níyọ̀ jù! Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ẹ̀gbọ́n mi lójú.

Kò tán síbẹ̀. Mẹ́jọ ni bàbá ń jẹ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe mẹ́rin. Mẹ́jọ láàárọ̀ mẹ́jọ lálẹ́ jẹ́ 2.4 g iyọ̀, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó 5 g, a ò tíì débi ọbẹ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ máa yangàn, ni mo bá yí páálí tiwọn síbi ọ̀rá. 22 g nínú 100 g, èyí tó jẹ́ sátúrétéédì nínú ẹ̀ 10 g, bọ́tà ni wọ́n fi ṣe é. Tiwa tí a bá ṣírò ẹ̀ sí 100 g, 15 g ni, sátúrétéédì 7 g. Ká wá mú èwo fún bàbá báyìí?

Káyọ̀dé Bódìjà

Mà á ní ẹ̀ ń wàhálà ara yín jù. Èmi, sáfìnnì nìkan ni mò ń wò, torí òun ni èèyàn máa jẹ, ta ló ń jẹ 100 g? Mà á wo tàwọn méjèèjì, èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ bá kéré ni mà á rà. Ó ti ń ṣiṣẹ́ fún mi ọjọ́ pẹ́.

Lékè Lábù

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, ẹ ò jẹ̀bi tán, èèyàn ò jẹ 100 g lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó ṣe ọjà ló ń yan iye tí òun máa pè ní sáfìnnì. Ibi tó ti ń rú èèyàn lójú nìyẹn. Inú lábù ilé iṣẹ́ oúnjẹ ni mo wà, ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nílé tèmi gan-an.

Ìyàwó mi ra tíì alágolo méjì. Ti àkọ́kọ́, sáfìnnì 20 g, ṣúgà 8 g. Ti ìkejì, sáfìnnì 30 g, ṣúgà 10.5 g. Ó ní òun á mú ti 8, ó kéré jù. Ẹ wá ṣírò ẹ̀ sí 100 g. 8 pín sí 20, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, 40 g. 10.5 pín sí 30, 35 g. Èyí tó jọ pé ó kéré ni ṣúgà kún inú ẹ̀ jù. Kò sí irọ́ kankan nínú lébẹ́ẹ̀lì yẹn o, síbíì kékeré ni wọ́n fi bù ú.

Mo tún gbé sìkéèlì kékeré tí wọ́n fi ń wọn fúláwà jáde, mo ní kó bu tíì bó ṣe máa ń bù ú. Síbíì mẹ́ta tó ga bí òkè Olúmọ. 34 g! Nínú ti àkọ́kọ́ yẹn, ṣúgà 13.6 g ti wà níbẹ̀, ìyẹn ju síbíì tíì mẹ́ta lọ, torí síbíì kan tí orí ẹ̀ tẹ́jú jẹ́ bíi 4 g, lẹ́yìn náà ló tún wá ń ju kóró ṣúgà méjì sí i. Ó ní kí n gbé sìkéèlì mi kúrò níwájú òun.

Tèmi ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó dáa jù nínú ọjà méjì, ẹ fi 100 g wé 100 g. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye tó wọnú yín, ẹ wọn ohun tí ẹ bù. Ìbéèrè méjì ni, nọ́ńbà kan ò lè dáhùn ẹ̀.

Alàgbà Ìjẹ̀bú

Mo kí gbogbo yín. Èwo ni ọ̀rá 22 g tí ọmọ yẹn ń sọ? Ọ̀rá tí wọ́n fi wé bísíkíìtì náà ni wọ́n wọ̀n mọ́ ọn ni? Àwọn oníbísíkíìtì ti rẹ́ wa jẹ nìyẹn o, kí wọ́n máa ta náílọ́ọ̀nù fún èèyàn.

Ìyá Tọ̀míwá, Òṣogbo

Bàbá ẹ má bínú, ẹ̀rín pa mí 😂 ọ̀rá tó ń múni sanra ni, kì í ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi wé e.

Sìkírá Kutọnu

Ẹ gbọ́ tèmi. Kutọnu ni mo ń gbé, ọjà tó ti Faransé wá ló pọ̀ lọ́jà wa, kọ́mà ni wọ́n ń fi sáàárín nọ́ńbà dípò àmì tótóró tiyín yẹn, wọ́n á kọ 0,9 g. Mo ya ẹ̀yìn ìpápánu kan ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Kétu, fáláàṣì fóònù tàn sórí náílọ́ọ̀nù tó ń dán, kọ́mà bọ́ lọ, 1,3 wá di 13. Ló bá kọ̀wé sí mi pé iyọ̀ 13 g, pé kí n da nǹkan náà nù. Mo ti fún ajá jẹ kí n tó tún páálí wò.

Lékè Lábù

Àǹtí Sìkírá, pẹ̀lẹ́ o. Nọ́ńbà yẹn ì bá ti já ara ẹ̀. Iyọ̀ 13 g nínú 100 g, ẹnu ò lè gbà á, iyọ̀ ló ń jẹ yẹn kì í ṣe ìpápánu. Tí fọ́tò bá ń ṣe mí ní kàyéèfì, nǹkan méjì ni mo máa ń wò. Ṣúgà ò lè ju kabọháídíréètì tó wà lórí ẹ̀ lọ, torí inú ẹ̀ ló wà. Sátúrétéédì ò lè ju gbogbo ọ̀rá lọ. Tó bá jù ú lọ, àmì ti bọ́ níbì kan, tàbí ojú èèyàn ti sọdá láti ìlà kan sí òmíràn, pàápàá lára agolo tó rí róbótó. Ẹ pa fáláàṣì, ẹ yí agolo síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ẹ ya á lẹ́ẹ̀mejì, kí orí àtẹ nọ́ńbà yẹn wọ fọ́tò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni 100 g àti sáfìnnì wà.

Fúnmi Agége

Ẹ jọ̀ọ́ tèmi ni núdù. Ọmọ mi ọlọ́dún méje ò jẹ nǹkan míì. Lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kọ sódíọ̀mù 1100 mg nínú 100 g, páálí ẹ̀ jẹ́ 70 g. Mo ti ṣe é bẹ́ ẹ ṣe sọ, ó fún mi ní 770 mg, ìyẹn iyọ̀ tó 1.9 g. Àmọ́ ìdajì èlò inú sásẹ́ẹ̀tì ni mo ń bù sí i, ṣé iyọ̀ ti di ìdajì náà nìyẹn?

Káyọ̀dé Bódìjà

Ó ti di ìdajì o. Sásẹ́ẹ̀tì ni iyọ̀ wà.

Lékè Lábù

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Fúláwà núdù fúnra ẹ̀ níyọ̀ nínú kí wọ́n tó gbẹ ẹ́. Nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ sẹ́yìn páálí, gbogbo ohun tó wà nínú páálí ló máa ń kó pọ̀, kì í sọ pé báyìí ni ti núdù báyìí ni ti sásẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà ó dín kù, àmọ́ kò dé ìdajì, iye tó dín gan-an, mi ò lè rí i lára fọ́tò yẹn.

Fúnmi Agége

Tí mo bá wá da omi àkọ́kọ́ nù ńkọ́? Ìyá mi ní iyọ̀ ti bá a lọ.

Sìkírá Kutọnu

Ìyá mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò dá a nù, mo ní gbogbo adùn ẹ̀ ló wà nínú omi yẹn.

Ìyá Tọ̀míwá, Òṣogbo

Ẹ ṣé gbogbo yín. A ò tíì pinnu kíráákà èwo. Ẹ̀gbọ́n mi ní iyọ̀ ni kí a sá fún, mo ní ọ̀rá 22 g náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ bàbá, dókítà bàbá ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, mà á gbé fọ́tò méjèèjì lọ, lódidi, torí orí àtẹ nọ́ńbà ti wà nínú wọn báyìí. Láàárọ̀ yìí mo ka mẹ́rin sínú sọ́sà, mo gbé e síwájú bàbá. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n ní "Àwọn tó kọ mẹ́rin sẹ́yìn páálí yẹn, ṣé wọ́n ti jẹ ẹ́ pẹ̀lú tíì rí?"